Síláìdì Tí Kò Bá Iná Lọ

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òní. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti parí síláìdì tó fẹ́ fi gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀. Ó tọ́jú ẹ̀dà kan sínú Google Drive, ó fi ìkejì ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀, ó sì fi ìkẹta sínú OneDrive. Ẹ̀dà mélòó ló ní? Ọ̀pọ̀ yín á dáhùn pé mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó ìkankan nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀dà kan ló ní.

Òfin tí a ó máa tẹ̀lé lónìí nìyí: ẹ̀dà méjì tí ohun kan ṣoṣo lè bà jẹ́ pọ̀, ẹ̀dà kan ni. Kí a tó máa ka ẹ̀dà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé, kí ló gbẹ́kẹ̀ lé? Bí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé iná, iná lè pa á. Bí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè pa á. Ẹ̀dà tí a ń wá ni èyí tí ohun tó bá pa àkọ́kọ́ kò lè pa.

Ká mú akẹ́kọ̀ọ́ yìí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ wa. Ká ní ó yẹ omi kànga mẹ́ta wò ní Múṣin, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì fẹ́ ṣe difẹ́ńsì rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá. Wọ́n fún un ní ogún ìṣẹ́jú. Síláìdì mẹ́rìnlá ló ní. Gíráàfù kan wà nínú wọn tó fi kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, fídíò kúkúrú kan sì wà tó fi bí ó ṣe yẹ omi náà wò hàn. Olùkọ́ mẹ́rin ló máa jókòó gbọ́ ọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn.

Ohun tó ń bá iná lọ, àti ohun tí kì í bá a lọ

Ẹ fojú inú wo yàrá tí yóò ti sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, purojẹ́kítọ̀ kú, fáànù dúró, gílóòbù òkè àjà pa. Ohun mìíràn tún kú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, ìyẹn àpótí wáìfáì tó wà lára ògiri, nítorí inú ògiri náà ló ti ń fa iná. Ẹni tó bá gbójú lé wáìfáì yàrá yìí ti so nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ mọ́ iná láìmọ̀. Nígbà tí ìkan bá lọ, ìkejì náà lọ.

Ohun tó ṣẹ́kù ni kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítorí ó ní bátìrì. Fóònù wà, nítorí òun náà ní bátìrì, òpó tó sì ń fún un ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní bátìrì àti dísù tirẹ̀ tó lè gbé e fún ìgbà díẹ̀. Ìwé wà. Ohùn ẹni náà wà. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá lè fi mẹ́rin yìí ṣe ni iná kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo bí àìsí iná ṣe lè gbòòrò tó. Bí tiransifọ́mà àdúgbò bá bàjẹ́, àdúgbò yẹn nìkan ló ṣókùnkùn, ẹni tó wà ní Yábàá lè sá lọ tẹ ìwé rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìsokọ́ra iná gbogbo Nàìjíríà ló dá wó lulẹ̀. Ìṣiṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti lóye. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń pèsè iná nílẹ̀ yìí ń yí pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí iná lè máa lọ kó sì máa bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá já kúrò, ẹrù rẹ̀ bọ́ sí orí àwọn tó kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí wọ́n bá falẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á já ara rẹ̀ kúrò kó má bàa bàjẹ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi pa. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Yábàá, Sùúrùlérè àti Múṣin á ṣókùnkùn pọ̀. Pé ẹ ní ọ̀rẹ́ tó ní purintà ní àdúgbò mìíràn kò ní gbà yín, àfi bí ó bá ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà.

Kí ẹni tó wà ní ìpín A má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti ń gba owó tó ga jù lọ́wọ́ ìpín yẹn, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n sì ṣèlérí fún un, ó kéré tán. Wákàtí mẹ́rin ṣì ṣẹ́kù nínú ọjọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mú ìlérí náà ṣẹ pátápátá, kò sí ẹni tó sọ pé wákàtí mẹ́rin yẹn kò lè bọ́ sí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ difẹ́ńsì yín.

Ìdí tí purojẹ́kítọ̀ kì í fi í tètè jí

Ẹ ti rí i rí. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó lọ, ó sì padà lójú ẹsẹ̀. Gílóòbù òkè àjà tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n purojẹ́kítọ̀ kọ̀, ó kàn ń ṣẹ́ iná pupa. Ènìyàn á máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ léraléra, kò ní dá a lóhùn. Purojẹ́kítọ̀ náà kò bàjẹ́. Ìmọ̀ físíìsì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú purojẹ́kítọ̀ onígílóòbù, irú èyí tó ṣì wà ní ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, kò sí wáyà tó ń gbóná bíi ti gílóòbù àtijọ́. Ìkòkò gíláàsì kékeré kan tó nípọn ló wà níbẹ̀, mákúrì sì wà nínú rẹ̀. Orí irin méjì kọjú sí ara wọn, àlàfo àárín wọn kò ju bíi mìlímítà kan lọ. Iná máa ń fò láti orí kan dé ìkejì, òun ló ń tan ìmọ́lẹ̀ gbígbóná yẹn. Bí ó ṣe ń gbóná ni mákúrì ń di oru, oru yìí á sì máa ti ara gíláàsì náà pẹ̀lú agbára tó tó ìgbà 200 agbára afẹ́fẹ́ tí a ń mí.

Nígbà tí gílóòbù náà tutù, ó rọrùn láti tan án. Mákúrì ti di omi, ó lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, àlàfo àárín irin méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rí ààyè sáré, wọ́n fi eré náà kọlu ìwọ̀nba átọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀, iná sì fò. Ṣùgbọ́n tí gílóòbù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nígbà tó ṣì gbóná, oru mákúrì ṣì kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹni tó bá fẹ́ sáré nínú ọjà Ojúwòyè ní ọ̀sán Sátidé kò ní gbé ẹsẹ̀ ìkẹta kó tó kọlu ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà. Kò ráyè kó eré jọ. Ó máa gba fólítéèjì tó ga fíìfíì ju èyí tí ẹ̀rọ náà lè pèsè kí iná tó lè fò nínú oru tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí a dúró kí ó tutù, kí mákúrì padà di omi. Fáànù inú purojẹ́kítọ̀ náà á máa fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbà láti tan, ìṣẹ́jú díẹ̀ á sì tún kọjá kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó tó.

Ẹ wá rí i pé iná tó lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ìdá mẹ́rin kan nínú àkókò rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ nìkan kò tán ìṣòro yìí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá tilẹ̀ tan án láàárín ìṣẹ́jú kan, gílóòbù ti pa ná.

Ohun tó lè dí àlàfo yẹn ni yúpíẹ́ẹ̀sì, àpótí kékeré tó ní bátìrì nínú, tó máa ń gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá já. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì inú irú àpótí kékeré tó wọ́pọ̀ jẹ́ fólítì 12, áńpíà-wákàtí 7. Ìlọ́po wọn jẹ́ wáàtì-wákàtí 84. Bí purojẹ́kítọ̀ bá ń jẹ wáàtì 280, ẹ pín 84 sí ọ̀nà 280, ẹ ó rí 0.3 wákàtí, ìyẹn ìṣẹ́jú 18. Orí ìwé nìyẹn o. Bátìrì olójé tí a bá fa agbára rẹ̀ kíákíá kì í lè tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àpótí náà sì ń fi díẹ̀ ṣòfò bó ti ń yí i padà. Bí ó bá fún yín ní ìdajì ìṣẹ́jú yẹn, ẹ dúpẹ́. Kò tó fún difẹ́ńsì, ṣùgbọ́n ó tó kí ẹnìkan lọ tan jẹnẹrétọ̀ láìjẹ́ kí gílóòbù pa. Bí kò bá sì sí jẹnẹrétọ̀, ó tó láti pa purojẹ́kítọ̀ náà bó ti yẹ, kí fáànù rẹ̀ fẹ́ ẹ tutù, nítorí ìgbóná tí kò rí atẹ́gùn ló ń dín ọjọ́ ayé gílóòbù kù.

Àwọn purojẹ́kítọ̀ tuntun tó ń lo ẹ̀lẹ́dì tàbí lésà kò ní mákúrì yìí, wọ́n máa ń tètè tan padà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mójú tó yàrá náà èwo ló wà níbẹ̀. Bí a bá ń pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀, onígílóòbù ni.

Bátìrì tó ń parọ́

Kọ̀ǹpútà ló yẹ kó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ purojẹ́kítọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán bátìrì tó kọ 100% kò sọ iye agbára tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bátìrì náà ti kún dé ibi tí òun lè kún dé báyìí, ibẹ̀ sì ń dín kù lọ́dọọdún. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ lè wo òótọ́ rẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Yóò kọ fáìlì kan tó ń jẹ́ `battery-report.html`, yóò sì sọ ibi tó fi í sí. Nínú rẹ̀, ẹ wá ìlà méjì. `DESIGN CAPACITY` ni agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun. `FULL CHARGE CAPACITY` ni èyí tó lè gbà nísinsìnyí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ó sì rí 50,000 mWh ní àkọ́kọ́, 21,000 mWh ní ìkejì. Wáàtì-wákàtí 21 ló kù nínú 50. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 15 nígbà tó ń fi síláìdì hàn, 21 tí a pín sí 15 jẹ́ 1.4, ìyẹn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 24.

Ó tó fún ogún ìṣẹ́jú, àbí? Ó tó, bí wọ́n bá pè é ní àkókò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó wá ní aago mẹ́wàá lè jókòó di aago kan. Bí ó bá ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yẹ síláìdì wò ní gbogbo ìgbà tó ń dúró, bátìrì á ti tán kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, kí ó pa á pátápátá títí dìgbà tó bá ku ẹni kan níwájú rẹ̀, kó sì máa ka ìwé tó tẹ̀ jáde nígbà tó ń dúró. Kí ó dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, nítorí ojú kọ̀ǹpútà wà lára ohun tó ń jẹ agbára jù.

Òpó wà, ọ̀nà ti gé

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó rí i pé ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí fóònù wọn kún, ṣùgbọ́n ohunkóhun kò ṣí. Áàpù báńkì kọ̀, fáìlì kò wọlé. Wáyà mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá ló gé pọ̀ ní etíkun Ivory Coast, lápá Àbíjáànì: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Àwọn wáyà mìíràn tó wọ Nàìjíríà kò gé, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti gbé ẹrù tiwọn kún ẹrù àwọn tó gé, ni gbogbo rẹ̀ bá fà bí ìgbín.

Ìlà tó wà lókè fóònù yín ń wọn ohun kan ṣoṣo, ìyẹn bí ẹ ṣe ń gbọ́ òpó àdúgbò yín sí. Kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀nà tó ti ibi òpó yẹn lọ sí ibi tí fáìlì yín wà. Bí fáìlì yín bá wà lórí ẹ̀rọ kan ní òkè òkun, ó gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ àti òkun kó tó dé Yábàá. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má wo ìlà fóònù kí wọ́n fi ṣèdájọ́. Ibi tí fáìlì náà jókòó sí ni kí wọ́n wò.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa wá ṣe báyìí nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì dára. Nínú Google Slides, kí ó tẹ `File`, lẹ́yìn náà `Download`, kó sì gba fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì: `.pptx` tó lè tún ṣe, àti `.pdf` tó lè tẹ̀ jáde. Bí ó bá sì ń lo OneDrive lórí Windows, kí ó wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì náà. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ìkùukùu, orúkọ lásán ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, fáìlì fúnra rẹ̀ wà lókè òkun. Kí ó tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí rẹ̀, kó yan `Always keep on this device`, kó sì dúró títí àmì náà á fi di òbíríkítí aláwọ̀ ewé.

Fídíò ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fídíò tí a mú láti YouTube tàbí Drive sínú síláìdì kì í bá fáìlì náà wọlé nígbà tí a bá gbà á sílẹ̀; àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀ ló ń wọlé, ìyókù dúró sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́dọ̀ fi fídíò tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú PowerPoint: `Insert`, `Video`, `This Device`. Kí ó sì mú àwòrán mẹ́ta láti inú fídíò náà, ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí, kó tò wọ́n sí síláìdì tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí fídíò bá kọ̀, àwòrán mẹ́ta yẹn á fi iṣẹ́ náà hàn, ìwé sì lè gbé wọn.

Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ òun? Kí ó yọ ṣájà, kí ó tan `Airplane mode`, kí ó sì pa kọ̀ǹpútà náà kó tún un tàn kó tó ṣí fáìlì. Pípa yẹn ṣe kókó, nítorí kọ̀ǹpútà máa ń rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó lè fi ìrántí yẹn tàn yín jẹ pé fáìlì wà nílé nígbà tí kò sí. Kí ó wá tẹ síláìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tan fídíò náà dé òpin. Ohun tó bá kọ̀ nílé ló máa kọ̀ níwájú olùkọ́ mẹ́rin.

PDF àti àmì orí ọ̀rọ̀ wa

Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá sórí síláìdì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ orúkọ àwọn àdúgbò àti ti kànga pẹ̀lú àmì wọn. Lẹ́tà bíi ọ̀ tàbí ẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Ẹyọ méjì ni: lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀, àti àmì ohùn tí a gbé lé e lórí. Fọ́ǹtì ló mọ ibi tí àmì ohùn yẹn máa jókòó sí. Bí ó bá gbé `.pptx` lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ tí fọ́ǹtì rẹ̀ kò sí, kọ̀ǹpútà yẹn á fi fọ́ǹtì mìíràn dípò. Àmì lè fò kúrò lórí lẹ́tà, ó lè di àpótí òfìfo, ìlà tó wọ ojú síláìdì dáadáa sì lè gùn kọjá etí.

Fáìlì PDF kò ní ìṣòro yìí, nítorí ó máa ń gbé àwọn lẹ́tà tó lò sínú ara rẹ̀ rìn. Bí ó ṣe rí nílé ni yóò rí lórí fóònù olùkọ́ àti níwájú purintà. Ìdí nìyí tí PDF fi jẹ́ ẹ̀dà tí ẹ máa gbé lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà.

Ó ní ààlà tirẹ̀ o. PDF kì í rìn. Síláìdì tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan á yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú PDF, bí àwòrán méjì bá sì wà lójú ibi kan náà, ìkan á bo ìkejì. Bí gíráàfù bá ní láti yọ ní ìpele mẹ́ta, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe é ní síláìdì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìwé tó lè dá dúró

Ìwé ni ẹ̀dà kan ṣoṣo tí kò gbẹ́kẹ̀ lé iná, tí kò gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí kò sì ní bátìrì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kàn tẹ síláìdì mẹ́rìnlá jáde bí wọ́n ṣe wà, ìwé náà lè má wúlò. Síláìdì tó ní ẹ̀yìn dúdú á gbé yíǹkì mì, lẹ́tà rẹ̀ á sì ràn. Gíráàfù aláwọ̀ mẹ́ta á di ìlà mẹ́ta tí ojú kò lè dá mọ̀ lọ́tọ̀, nítorí purintà dúdú-àti-funfun kì í wo àwọ̀. Bí àwọ̀ náà ṣe mọ́lẹ̀ sí ló ń wò, pupa àti ewé tí ìmọ́lẹ̀ wọn jọra á sì bọ́ sí eérú kan náà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ìrísí yà wọ́n sọ́tọ̀. Kànga àkọ́kọ́, ìlà tó lọ tààrà. Ìkejì, ìlà tó ń já. Ìkẹta, ìlà tó ní òbíríkítí lára. Kí ó kọ orúkọ kànga kọ̀ọ̀kan sí ìdí ìlà rẹ̀ gan-an. Kí ó sì ṣe fótókọ́pì ojú ìwé kan kó tó tẹ ìyókù. Bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà bá lè fi ìka tọ́ kànga kejì láìbéèrè, ìwé náà ti kúnjú ìwọ̀n.

Ojú ìwé méjì péré tó fún àwọn olùkọ́, iwájú àti ẹ̀yìn ìwé kan. Iwájú: ìbéèrè ìwádìí, bí ó ṣe yẹ omi wò, àti àwòrán mẹ́ta láti inú fídíò. Ẹ̀yìn: gíráàfù, tábìlì, àti àbájáde ní ìlà mẹ́ta. Kí ó fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà bá ti orí síláìdì mu, kí ó lè sọ pé "ẹ wo àwòrán kẹta" yálà iná wà tàbí kò sí. Kí ó tẹ mẹ́fà: mẹ́rin fún àwọn olùkọ́, méjì fún ẹni tí a kò retí.

Ti àwọn tó wà lẹ́yìn ńkọ́? Páálí funfun kan àti máákà tó fún wọn, kí ó fi ya gíráàfù nìkan. Báwo ni lẹ́tà rẹ̀ ṣe máa tóbi tó? Ẹ̀kọ́ nípa ojú dá wa lóhùn. Lẹ́tà tí ojú tó dá ṣáṣá lè kà láti mítà mẹ́fà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, ga tó nǹkan bíi mìlímítà mẹ́sàn-án. Èyí tó kéré jù pátápátá nìyẹn. Nínú yàrá tí iná ti lọ, tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ló kù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta: bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀. Kí ó gbé páálí náà kọjú sí fèrèsé, kí ó má fi ẹ̀yìn rẹ̀ tì í.

Kí ó tẹ ìwé wọ̀nyí jáde ní ọjọ́ tó ṣáájú. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà náà ń lo iná, àárọ̀ ọjọ́ tí iná bá lọ sì ni gbogbo ènìyàn máa tò síbẹ̀. Kí ó ní fláàṣì méjì. Èyí tó bá lọ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó máa lọ sí difẹ́ńsì, nítorí kọ̀ǹpútà tí ogunlọ́gọ̀ fláàṣì ń wọ̀ lójúmọ́ máa ń ní kòkòrò, òmíràn á fi fáìlì yín pamọ́, á fi ọ̀nà àbùjá lásán sípò wọn. Fláàṣì ìkejì kò gbọdọ̀ wọ kọ̀ǹpútà kankan yàtọ̀ sí tirẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

Ìṣẹ́jú keje

Ká wá fi gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ wa wà lórí síláìdì karùn-ún, ìṣẹ́jú keje ti pé, iná lọ. Purojẹ́kítọ̀ kú. Kí ó parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá mi ṣí ìwé ọwọ́ yín sí ẹ̀yìn, kí ẹ wo àwòrán kẹrin." Ó ti pín ìwé náà kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín in nínú òkùnkùn. Kí ó gbé páálí sókè fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Kí ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí àwọn olùkọ́, kí ó tan fídíò fún wọn níbẹ̀ bí àyè bá wà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lórí ìwé mìíràn tí ó tẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, ojú kan péré, kí ó lè kà á láìtẹ̀ríba.

Bí iná bá padà ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, kí ó má dúró de purojẹ́kítọ̀. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí: mákúrì ṣì gbóná. Kí ó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ lórí ìwé. Nígbà tí àwòrán bá yọ lára ògiri, kí ó fò lọ sí síláìdì tó bá ibi tó dé mu. Bí ó bá wà nínú PowerPoint, kí ó tẹ nọ́ńbà síláìdì náà, kó sì tẹ `Enter`. Yóò dé ibẹ̀ tààrà.

Iṣẹ́ àmúrelé yín nìyí. Ẹ mú síláìdì kan tí ẹ ti ṣe rí, ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kan. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ bí iná bá lọ, àti ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ibi tí ẹ kò bá rí nǹkan kọ, síláìdì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.